Ìdí tí àbọ̀ fi ń pẹ́ ju àlọ lọ lórí odò, àti bí a ṣe ń ṣírò wákàtí rẹ̀

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, Bódìjà ni mo ti ń ta ẹja gbígbẹ. A gba ọkọ̀ onípákó tó ní ẹ́ńjìnnì ní Pátégi, a bá omi lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ẹja ní ìsàlẹ̀ odò. Kìlómítà 32 ni fóònù ọmọ mi kà fún wa. Wákàtí 2 la fi débẹ̀. Mo fọkàn sí i pé wákàtí 2 àbọ̀ la ó fi padà, àmọ́ wákàtí 4 gbáko ni. Ilẹ̀ ṣú mọ́ wa lórí omi, epo sì kù díẹ̀ kó tán. Báwo ni mo ṣe lè mọ iye wákàtí kí n tó kúrò nílé?"

Màmá, ẹ kú ewu, ẹ kú orí ire. Inú mi dùn pé ẹ sọ iye kìlómítà, ẹ sì sọ wákàtí àlọ àti ti àbọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń béèrè irú nǹkan báyìí lọ́wọ́ mi kì í rántí ju pé "ó pẹ́" lọ. Iye mẹ́ta tí ẹ mú wá yìí tó fún wa láti mọ ohun tí odò yẹn ṣe sí yín.

Gbogbo ọkọ̀ ló ní eré tirẹ̀, ìyẹn eré tó ń sá lórí omi tó dúró jẹ́ẹ́. Ká ní ẹ lè gbé ọkọ̀ yẹn wá sórí adágún Asejire níbí, níbi tí wọ́n ti sé Odò Ọ̀ṣun kí Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ lò, tí afẹ́fẹ́ ò sì fẹ́ lọ́jọ́ náà, eré tó bá sá lórí adágún yẹn ni eré tirẹ̀ gan-an. Odò Ọya tí ẹ gbà ní Pátégi kò rí bẹ́ẹ̀. Omi fúnra rẹ̀ ń rìn níbẹ̀, ohunkóhun tó bá sì wà lórí rẹ̀, ó ń gbé e lọ. Tẹ́ ẹ bá bá omi lọ, eré omi á kún eré ọkọ̀. Tẹ́ ẹ bá dojú kọ omi, ẹ́ńjìnnì yín á kọ́kọ́ san gbèsè eré omi ná, ohun tó bá ṣẹ́ kù ló máa gbé yín lọ síwájú.

Ẹ jẹ́ ká fi ìrìnàjò yín ṣe é. Ẹ pín kìlómítà 32 sí wákàtí 2: kìlómítà 16 lẹ ń rìn ní wákàtí kan nígbà tẹ́ ẹ ń lọ. Ẹ pín 32 kan náà sí wákàtí 4: kìlómítà 8 ni nígbà tẹ́ ẹ ń bọ̀. Ẹ wá ro 16 àti 8 pọ̀, kí ẹ pín in sí méjì, ẹ ó rí 12. Ìyẹn ni eré ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ yọ 8 kúrò nínú 16, kí ẹ pín èyí tó kù sí méjì, ẹ ó rí 4. Ìyẹn ni eré omi. 12 àti 4 jẹ́ 16, 12 dín 4 jẹ́ 8. Ó bára mu.

Ibi tí ìṣirò yín ti yà bàrá ni pé ẹ rò pé ohun tí omi bá fún yín ní àlọ náà ni yóò gbà padà ní àbọ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ ń lọ, omi ń ta yín lọ́rẹ kìlómítà 4 ní wákàtí kan, àmọ́ wákàtí 2 péré lẹ fi wà lọ́wọ́ rẹ̀, torí náà kìlómítà 8 ni gbogbo ọrẹ náà. Nígbà tẹ́ ẹ ń bọ̀, kìlómítà 4 yẹn náà ló ń gbà ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n wákàtí 4 lẹ fi wà lórí rẹ̀, kìlómítà 16 ló sì gbà. Bí omi ṣe ń dá yín dúró ló túbọ̀ ń pẹ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀, bó sì ṣe ń pẹ́ yín ló túbọ̀ ń rí yín gbà lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí èrè àlọ kì í fi í tó san gbèsè àbọ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń kọ́ ní Ìbàdàn níbí, tí wọ́n mọ ìṣirò dáadáa, máa ń ṣubú síbi kan náà. Wọ́n á ro 16 àti 8 pọ̀, wọ́n á pín in sí méjì, wọ́n á ní kìlómítà 12 ni ìpíndọ́gba eré, wọ́n á wá pín kìlómítà 64 ti àlọ àti àbọ̀ sí 12. Wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 20 ni wọ́n máa rí. Wákàtí 6 ni ẹ̀yin lò. Ìṣẹ́jú 40 tó sọ nù láàárín yẹn lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ojúmọmọ àti òkùnkùn. Ẹ má ṣe ro eré pọ̀ láé láti fi wá wákàtí. Ẹ wá wákàtí àlọ lọ́tọ̀, ẹ wá wákàtí àbọ̀ lọ́tọ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó ro wákàtí méjèèjì pọ̀.

Ní báyìí, ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yín tí ẹ kò sọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó rí bẹ́ẹ̀: òfìfo lọkọ̀ lọ, ẹrù ló gbé bọ̀. Ọkọ̀ tó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja máa ń rì wọlé sínú omi ju ti òfìfo lọ, omi tó ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó lọ síwájú pọ̀ sí i, eré tirẹ̀ á sì dín kù. A jẹ́ pé 12 tí a rí lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe eré àlọ, kì í sì í ṣe eré àbọ̀. Ó wà láàárín méjèèjì. Wákàtí nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ fún wa. Àfi ká wọn eré omi fúnra rẹ̀.

Ọsàn mímu kan la nílò. Ọsàn dára ju igi tàbí ike lọ, torí ó máa ń rì wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, orí rẹ̀ nìkan ló máa ń yọ, nítorí náà omi ló ń gbé e, afẹ́fẹ́ kì í rí i tì. Ẹ wá ibi tí odò ti lọ tààrà, tí omi ò yí po. Ẹ fi okùn wọn mítà 50 ní etí odò, kí ẹ ri igi kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, kí ẹ ri ọ̀kan mọ́ ìparí. Kí ọmọ kan wà nínú ọkọ̀ láti ju ọsàn náà sójú ibi tí ọkọ̀ máa ń gbà, ṣùgbọ́n kó jù ú sí òkè igi àkọ́kọ́ díẹ̀, kí ọsàn ti máa bá omi rìn dọ́gba kó tó dé ibi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Tó bá ti kọjá igi àkọ́kọ́, kí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá. Tó bá dé igi kejì, ẹ dá a dúró. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tí ọ̀kan bá yàtọ̀ gan-an sí méjì yòókù, ọsàn yẹn ti bọ́ sínú omi tó ń yí po tàbí kó ti há sára koríko, ẹ tún òun jù.

Nígbà tí ẹ bá ti ní iye ìṣẹ́jú àáyá, ẹ fi í pín 180. Ohun tó bá jáde ni eré omi ní kìlómítà láàárín wákàtí kan. Tí ọsàn bá lo ìṣẹ́jú àáyá 90, kìlómítà 2 ni. Tó bá lo 60, kìlómítà 3 ni. Tó bá lo 36, kìlómítà 5 ni, ẹ sì ní láti ronú kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Ẹ má gbàgbé pé mítà 50 nìkan ni 180 yìí wà fún.

Àwọn tó ń wọn odò kí wọ́n lè mọ bí omi tó ń kọjá ṣe pọ̀ tó, ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á sọ iye tí ọsàn fi hàn di púpọ̀ pẹ̀lú nǹkan bí 0.85, torí omi tó wà nísàlẹ̀ kì í sáré tó ti òkè. Ẹ̀yin má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ yín kò kan ìsàlẹ̀ odò, òkè ló wà pẹ̀lú ọsàn, eré tí ọsàn bá sì ń sá ni omi ń fi gbé yín.

Ká ní ọsàn yín lo ìṣẹ́jú kan gééré. Eré omi jẹ́ kìlómítà 3. Nígbà tẹ́ ẹ ń lọ, ẹ rin kìlómítà 16 ní wákàtí kan. Ẹ yọ 3 tí omi fi kún un, ọkọ̀ òfìfo ń sá 13. Nígbà tẹ́ ẹ ń bọ̀, ẹ rin 8. Ẹ dá 3 tí omi gbà padà sí i, ọkọ̀ tó gbé ẹrù ń sá 11. Ẹrù yín gba kìlómítà 2 lọ́wọ́ ọkọ̀. Tó bá jẹ́ orí adágún ni, kìlómítà 2 yẹn kì bá tó nǹkan: 32 tí a pín sí 13 jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 28, tí a bá sì pín in sí 11, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 55 ni. Kò pé ìdajì wákàtí. Ṣùgbọ́n lórí odò tó dojú kọ yín, 13 ì bá ku 10, wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 12 lẹ bá fi dé. 11 ló wá ku 8, wákàtí 4. Ẹrù kan náà, ìṣẹ́jú 48. Nǹkan tó bá dín eré ọkọ̀ kù díẹ̀, ìyà rẹ̀ máa ń pọ̀ gan-an nígbà tí ọkọ̀ bá dojú kọ omi. Bákan náà ni ọkọ̀ tí omi ti wọ̀, tí wọn ò gbọ́n ọn dà nù, àti ẹ́ńjìnnì tí koríko ti wé mọ́ fáànù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú 13 àti 11 yìí gẹ́gẹ́ bí eré ọkọ̀ yín, kò ní yí padà púpọ̀ tí ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì bá jẹ́ ọ̀kan náà, tí ẹrù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Eré omi ló ń yí padà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ká ní omi ti lọ sílẹ̀, ọsàn sọ pé kìlómítà 1 ni. Àlọ jẹ́ 13 àti 1, ìyẹn 14, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 17. Àbọ̀ jẹ́ 11 dín 1, ìyẹn 10, wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 12. Nígbà tí omi kún, ká ní ó di 5. Àlọ di 18, wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 47. Inú èèyàn á dùn, á máa rò pé ọjọ́ náà dáa. Àmọ́ àbọ̀ di 11 dín 5, ìyẹn 6, wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 20. Ẹ fi wé ọjọ́ tí eré omi jẹ́ 3: ẹ jèrè ìṣẹ́jú 13 ní àlọ, ẹ pàdánù ìṣẹ́jú 80 ní àbọ̀. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ tètè dé ju bó ṣe yẹ lọ, ìkìlọ̀ ni. Ọjọ́ tí àlọ bá yá jù lọ ni àbọ̀ máa ń pẹ́ jù lọ.

Ọkọ̀ tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà kò tiẹ̀ ní àyè fún irú èyí. Ẹni tó ń wà á tó bá ń rí kìlómítà 5 ní wákàtí kan ti gbìyànjú. Tí omi bá dé 5, yóò máa wà á, yóò máa làágùn, igi tó wà létí odò kò sì ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìgbà wo ni omi máa ń kún ní Pátégi? Òjò tiwa, láti oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá, máa ń mú omi pupa tó ní ẹrẹ̀ wá. Omi mìíràn tún wà tó ń bọ̀ láti òkè ilẹ̀ Guinea, tó gba Mali kọjá, ibi gbalasa tó ti ń tàn káàkiri lọ́hùn-ún ló fi máa ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, nígbà tí òjò tiwa ti dáwọ́ dúró tipẹ́, tí ọyẹ́ ti ń fẹ́. Omi náà máa ń mọ́ ju ti òjò lọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe ìsédò Kainji ní 1968, tí wọ́n sì tún ṣe ti Jẹ́bà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n bá ṣí sílẹ̀ ní ìsédò ló ń dé ọ̀dọ̀ yín, pẹ̀lú ohun tí àwọn odò kéékèèké bá dà sí i lọ́nà. Nítorí náà, ẹ lè kúrò ní Ìbàdàn tí òjò ò tíì rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ débẹ̀ kí ẹ bá omi tó ń sáré. Àwa ará Ìbàdàn tó mọ bí Ògùnpa ṣe yí padà láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo ní oṣù kẹjọ 1980 mọ̀ pé omi kì í dúró de kàlẹ́ńdà. Ọsàn àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ ni kí ẹ gbà gbọ́, ẹ má gba ti oṣù tó kọjá gbọ́.

Ohun kan wà tó lè ṣojú rere sí yín ní àbọ̀. Omi kì í sá dọ́gba láti etí kan dé èkejì. Àárín ibi jíjìn ló ti ń sáré jù; létí, níbi tí ilẹ̀ àti koríko ti ń fà á sẹ́yìn, ó máa ń rọra lọ. Níbi tí odò bá ti tẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òde ló ń sáré, ẹ̀gbẹ́ inú ń rọra. Ẹ ju ọsàn méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan sí àárín, ọ̀kan sí nǹkan bíi mítà mẹ́wàá sétí, ẹ ó rí i fúnra yín. Awakọ̀ tó mọṣẹ́ máa ń gba àárín lọ, á sì máa rọ̀ mọ́ etí bọ̀, tó bá di ibi tí odò ti tẹ̀ á ré kọjá sí ẹ̀gbẹ́ inú. Tí omi bá jẹ́ 5 láàárín, tó sì jẹ́ 3 létí, ọkọ̀ tó gbé ẹrù yín yóò rin 8 dípò 6, wákàtí 4 dípò 5 àti ìṣẹ́jú 20. Gbogbo wákàtí kan ó lé yẹn wà lọ́wọ́ awakọ̀. Kìkì pé etí yẹn náà ni kùkùté igi àti iyanrìn wà, fáànù ẹ́ńjìnnì sì lè gbá wọn. Ojúmọmọ nìkan ni èèyàn ti lè rí wọn. Tí ilẹ̀ bá ṣú, awakọ̀ olóye á padà sí àárín, ìṣirò etí á sì parẹ́. Àjọ tó ń mójú tó ọ̀nà omi ní Nàìjíríà, tí olú iléeṣẹ́ wọn wà ní Lọ́kọ́ja, kò tiẹ̀ fẹ́ ká rin ojú omi lóru rárá. Torí náà, nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣírò kí ẹ tó kúrò nílé, eré àárín odò ni kí ẹ lò. Ohun tí awakọ̀ bá rí jèrè létí, kó jẹ́ èrè.

Nípa kìlómítà 32 yẹn, ẹ ní kí ọmọ yín wò ó bóyá odò ni fóònù tẹ̀ lé, tàbí ó fa ìlà tààrà láti ibùdókọ̀ kan dé èkejì. Ìlà tààrà máa ń kéré ju ọ̀nà tí ọkọ̀ gbà lọ, torí odò ń wọ́. Kó fi ìka tọ odò náà lórí àwòrán, kó máa kà á díẹ̀díẹ̀. Tó bá di 38, gbogbo eré tí a ti ṣírò yìí náà máa yí padà. Fóònù náà wúlò nínú ọkọ̀, ó ń sọ eré tí ẹ ń sá sí ilẹ̀, èyí tí wọ́n ti yọ omi kúrò nínú rẹ̀ tàbí tí wọ́n ti fi kún un.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ lójú ọ̀nà pé àbọ̀ ò lọ bó ṣe yẹ nìyí. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ sàmì sí nǹkan kan tó hàn gbangba ní kìlómítà 8 sí ọjà ẹja náà, bí igi ńlá tàbí abúlé. Ìdá mẹ́rin ọ̀nà nìyẹn. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ wo aago níbẹ̀. Tó bá jẹ́ wákàtí kan, àbọ̀ yóò jẹ́ 4 bí ti tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 20, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin: wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 20. Ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti pinnu. Tí ilẹ̀ tàbí epo ò bá ní gbé e, ẹ yí padà. Omi tó ń dá yín dúró náà ni yóò gbé yín padà sí ọjà: ọkọ̀ tó ń sá 11 lórí omi tó ń sá 5 jẹ́ 16, ìdajì wákàtí péré lẹ máa fi rin kìlómítà 8 yẹn. Tó bá ti kù bí ìdá mẹ́rin ọ̀nà kí ẹ délé, yíyí padà kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́.

Epo ni èyí tó kù. Ẹ́ńjìnnì kì í jẹ epo ní kìlómítà, ní wákàtí ló ń jẹ ẹ́, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ bákan náà. Ká ní tiyín ń jẹ lítà 6 ní wákàtí kan (ẹ béèrè lọ́wọ́ awakọ̀, kí ẹ sì wò ó fúnra yín). Ní ọjọ́ tí omi jẹ́ 5, àlọ máa jẹ nǹkan bíi lítà 11, àbọ̀ máa jẹ 32. Ẹni tó bá wo kẹ́ẹ̀gì ní ọjà, tó rí i pé lítà 11 ló ti lọ, tó sì ní lítà 20 ti tó láti padà, yóò dúró lórí omi nígbà tó kù bíi kìlómítà 12 kó délé. Lítà 43 ni gbogbo rẹ̀. Ẹ fi ìdá mẹ́ta rẹ̀ kún un, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 58, kí ẹ sì fi èyí tẹ́ ẹ fi kún un sínú kẹ́ẹ̀gì ọ̀tọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìṣirò aago láti ìparí wá. Ká ní ẹ fẹ́ wọlé sí Pátégi ní aago 5 àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, kí ojú ọjọ́ ṣì mọ́. Ẹ yọ wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 20 kúrò, aago 12 kọjá ìṣẹ́jú 10 nìyẹn. Ẹ tún yọ wákàtí kan fún ẹ́ńjìnnì tó bá kú lọ́nà tàbí ìjì tó bá lé yín sétí: aago 11 ó lé díẹ̀ lẹ gbọ́dọ̀ kúrò ní ọjà. Tẹ́ ẹ bá gbéra ní aago 6 àbọ̀ àárọ̀, ẹ ó débẹ̀ nígbà tí aago 8 bá kọjá díẹ̀, ẹ ó sì ní nǹkan bíi wákàtí 3 láti ra ẹja. A jẹ́ pé ẹ ò lè kúrò ní Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ sùn sí Pátégi. Tí àwọn apẹja ò bá sì tíì gúnlẹ̀ tán nígbà tí aago 11 bá lù, ẹ wá ibi sùn sí lọ́jà, kí ẹ padà ní àfẹ̀mọ́júmọ́.